Iye Ọjọ́ Tí Owó Wọlé

Nígbà tí Fọlábí, òṣìṣẹ́ owó-orí ní Èrúwà, ka iye tó wà nínú ìwé náà síta, ẹ̀rín ni Mùínàt kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Ó rò pé ọkùnrin náà ń ṣàwàdà ni.

"Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ọgbọ̀n náírà, ẹ fi ọgọ́rin náírà lé e."

"Ọgọ́rin náírà ti kín ni? Ṣé ẹ fẹ́ fi ra iyọ̀ ni?"

Fọlábí ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá tó ti wà nídìí tábìlì yẹn, ó ti gbọ́ èébú tó ju ìyẹn lọ. Ó kàn yí ìwé náà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Mùínàt. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀ ló ti ṣírò nílé ní Igbó-Ọrà, iye náà ló sì kó pamọ́ sí báńkì. Kò sí kọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le, àlàyé rẹ̀ ló le. Ẹgbẹ́ àwọn òbí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọn ò fẹ́ kí èdè Yorùbá kú lẹ́nu ọmọ wọn. Mùínàt ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà, láti yàrá rẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn fèrèsé bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Ìwé tó mọ̀, òun ló fi ojú ara rẹ̀ wá a kiri, ẹnu tó sì ní, Ọlọ́run ló fún un. Nínú oṣù kejì ọdún 2023 ni ẹgbẹ́ náà san owó gbogbo ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là. Báńkì ṣẹ́ ẹ fún un ní irinwó náírà ó lé ọgọ́ta lórí dọ́là kan. Mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Lóṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là bẹ́ sókè bí ehoro tí iná oko lé. Àmọ́ nígbà yẹn, dọ́là kan ò sí lọ́wọ́ Mùínàt mọ́.

"Ọ̀gá Fọlábí, iye mélòó lẹ fi ṣẹ́ dọ́là mi?"

"Ẹgbẹ̀ta náírà ó lé márùndínláàádọ́ta. Ìpíndọ́gba ọdún 2023 nìyẹn."

"Ta ló fún mi ní ẹgbẹ̀ta? Ìwé báńkì nìyí! Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, ẹ wo iye rẹ̀. Ìṣírò tiyín ní mo gba mílíọ̀nù méje ó lé. Èyí tó lé yẹn, ṣé àlá ni mo ti gbà á? Bàbá mi ń ta ẹ̀gẹ́ lóòró nínú oko. Bó bá ta ebè kan lónìí, tí owó ẹ̀gẹ́ gbé pẹ́ẹ́lí lọ́la, ṣé ẹ ó wá sọ fún un pé owó ọ̀la ló gbà?"

"Rárá."

"Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Owó tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye ọjọ́ tó wọlé ló tọ́ kí a fi ṣẹ́ ẹ. Ìpíndọ́gba wà fún owó tó ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa fáìlì kan jáde. "Àmọ́ ta ló kọ èyí?"

Mùínàt mọ lẹ́tà náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Òun ló kọ ọ́, lọ́dún tó kọjá, nípa owó ọdún 2022. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ni wọ́n san fún un lọ́dún náà, oṣù kejìlá ló sì wọlé, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní irinwó ó lé márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n Mùínàt ti kà lórí ẹ̀rọ ayélujára pé ìpíndọ́gba ń bẹ, pé ti ọdún náà jẹ́ irinwó ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré. Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé owó-orí òun yóò fi ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ó lé ọgọ́jọ dín. Ló bá kọ ọ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń san owó náà fún òun, kí wọ́n jọ̀wọ́ máa fi ìpíndọ́gba ọdún ṣírò rẹ̀ fún òun lọ́dọọdún. Ó bu ọwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ náà, ó jó nínú yàrá.

"'Lọ́dọọdún,'" Fọlábí kà á fún un. "Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ẹ ò lè jẹ ìpíndọ́gba lọ́dún tó dùn, kí ẹ pọ̀ ọ́ lọ́dún tó korò."

Mùínàt wo ibi tó ti bu ọwọ́ lù ú.

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ san iye tó wà níbẹ̀ yìí, kí n fún yín ní ìwé ẹ̀rí owó-orí yín lọ́sẹ̀ yìí. Tàbí kí ẹ kọ ìwé àtakò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ sọ òótọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó ọdún méjèèjì wọlé. A ó tún ti àtijọ́ ṣí, ẹ ó san ẹgbẹ̀rún méjìlá yẹn pẹ̀lú owó ìtanràn àti èlé. Kò ní pọ̀. Àmọ́ fáìlì náà á lọ sí Ìbàdàn. Títí tí yóò fi dé, n kò lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí kankan."

"Yóò tó ìgbà wo?"

"Tíṣà, ẹ má fi ìyẹn bi mí. Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún fáìlì Ìbàdàn, irọ́ ló pa."

Ìwé ẹ̀rí yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀, Sàláúdéènì, ní ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdèrè tó ti ń dá láti ìgbà èwe rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ti ń yọjú sí i pé àwọn fẹ́ rà á, itọ́ sì ti ń dà lẹ́nu àwọn mọ̀lẹ́bí. Bàbá Hàkímù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé, "Bí Mùínàt bá lè mú nọ́ńbà fáìlì ìwé ilẹ̀ dé láti Ìbàdàn kó tó di Iléyá, ilẹ̀ di tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Bí kò bá mú un dé, a ó tà, a ó pín in." Àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ilẹ̀ ní Ìbàdàn kì í sì í wojú ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n wà. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Lálẹ́, lórí ẹní, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ara bàbá náà ò dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú.

"Wọ́n ní bí mo bá ta dọ́là náà fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì, wọn ì bá fún mi ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé àádọ́ta lórí ọ̀kan. Torí ìwé ilẹ̀ yìí ni mo ṣe gba báńkì, kí ojú mi lè mọ́ níwájú ìjọba. Bàbá, ojú tó mọ́ náà ni wọ́n fi ata sí."

"Ta ló fi ata sí i?"

Mùínàt tún ìrọ̀rí bàbá rẹ̀ ṣe.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá," bàbá náà sọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ebè. "Ìwọ ọmọ yìí. Ẹgbẹ̀rún méjìlá kò tó àpò gàrí kan."

"Mo lè lọ yá irinwó ẹgbẹ̀rún tó kù."

"Lọ́wọ́ ta?"

Ó lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kó mú onídùúró méjì wá, kó sì dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó lówó nínú ẹbí ni àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bó bá tilẹ̀ yá a, owó-orí lórí owó tí kò rí rí ni yóò fi san. Ó jókòó, ó kọ àtakò rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun parọ́. Kò fi ẹ̀bẹ̀ kankan kún un. Ó so ìwé báńkì ọdún méjèèjì mọ́ ọn, ó gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà, Fọlábí sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ gbójú," Fọlábí wí.

"Ojú ni mo ní, n ò lówó."

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Èrúwà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, fáìlì ò tíì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹni tó yẹ kó wò ó wà ní ìsinmi. Mùínàt gba Ìbàdàn lọ fúnra rẹ̀. Ó jà lẹ́nu ọ̀nà, ó jà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó pe ọ̀gá kan ní òkú tí wọ́n wọ kóòtù fún. Ọ̀gá náà fún un ní àga, ó ní kó fara balẹ̀, ó ní àwọn á pè é. Wọn ò pè é.

Iléyá dé. Wọ́n pa àgbò. Bàbá Hàkímù jẹ ẹran rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó béèrè nọ́ńbà fáìlì.

"Ẹ fún mi ní oṣù kan sí i, ẹ̀yin bàbá mi," Mùínàt wí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ìwọ tó o máa ń kọ́ àwọn òyìnbó dúdú ní èdè," Bàbá Hàkímù dáhùn, "o ò mọ ìtumọ̀ 'kó tó di'?"

Wọ́n ta ilẹ̀ náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìpín Sàláúdéènì pé, wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, kò kà á, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Oṣù kẹjọ ni Fọlábí pè é lórí fóònù. Nígbà tó dé, ọkùnrin náà ti to àwọn ìwé náà sórí tábìlì. Wọ́n gba àtakò rẹ̀. Irinwó ó lé ọgọ́ta ni wọ́n fi ṣírò ọdún 2023, bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀. Ó san án lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ti ọdún tó ṣáájú àti ìtanràn rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta.

"Ẹ borí, Tíṣà," Fọlábí wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Fọlábí ń retí pé yóò bú òun. Mùínàt ò bú u. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í bóyá wọ́n kọ orúkọ òun dáadáa, ó dúpẹ́.

Ọ̀kadà tó gbé e padà gba ojú ọ̀nà Ìdèrè, torí ọlọ́kadà náà fẹ́ gbé èrò kan sílẹ̀ níbẹ̀. Katakata ti wà lórí ilẹ̀ náà. Ó ti tú ebè bàbá rẹ̀ dé ìdajì, ẹ̀gẹ́ tí wọn ò tíì wú wà nílẹ̀ gbalaja, funfun.

Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní. Ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Bàbá náà ò mọ̀wé, ó kàn fi àtàǹpàkò ra òǹtẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n wá gbà?"

"Ọjọ́ tí owó wọlé, Bàbá."

Ó mi orí.

"Ọjọ́ tí ìwé yìí wọlé ńkọ́? Wọ́n bi ọ́?"

"Wọn ò bi mí."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, níbi tí owó ilẹ̀ wà.