Abọ́ Ọbẹ̀ Tó Kù Nínú Fíríìsà

Kí Cecilia, ìyàwó mi, tó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, ó se ọbẹ̀ ata ìkòkò kan. Orí àpótí ni ó jókòó sí se é, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Nígbà tí ọbẹ̀ náà tutù, ó bù ú sínú àwọn abọ́ ike kéékèèké, ó dé wọn, ó sì tò wọ́n sínú fíríìsà. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tí iná kò lè ràn án.

Olúwatómisìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, ni ó kọ ọ́ fún. Tómi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́ ní Iléṣà níhìn-ín, kò sì lè bá wa lọ. Èmi ní tèmi kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, nítorí aláìsàn tí kò bá ní ẹni tí yóò máa sáré ra oògùn, tí yóò máa pọn omi, ìyà ni yóò jẹ ẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe dá wà nílé, tí àwọn ará ilé kejì ń yọjú wò ó.

Ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni Cecilia ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó sì kọ ìwé yẹn bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sójú pátákó. Abọ́ kan ni kí Tómi máa gbé jáde lẹ́ẹ̀kan. Kí ó da ọbẹ̀ sínú ìkòkò, kí ó ta omi díẹ̀ sí i, kí ó máa rò ó dé ìdí títí gbogbo rẹ̀ yóò fi hó kùtùkùtù, kì í ṣe etí ìkòkò nìkan. Èyí tó bá ti gbé kaná, kò gbọdọ̀ dá a padà sínú fíríìsà. Ìwọ̀n ìrẹsì tí yóò jẹ tán ni kí ó máa sè. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, kí ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kí ó tètè tutù, kí ó gbé e sínú fíríìjì láìpẹ́, kí ó sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ó wọ́n omi sí i, kí ó dé e, kí ó gbóná dé inú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrẹsì tó bá sùn síta kò ṣeé jẹ, bí kò tilẹ̀ rùn, nítorí májèlé tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò gbọ́ ti iná. Kò gbọdọ̀ bu kẹrosíìnì sí sítóòfù tó ń jó. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ ọ́ sí pé bí NEPA bá mú iná lọ, tí ọbẹ̀ yọ́, tí kò sì tutù mọ́, kí ó má tọ́ ọ wò, kí ó dà á nù.

Mo sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù, pé ọmọ tó ti ń dáná láti ọjọ́ yìí wá mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. 

Tómi tẹ̀lé ìwé náà láìyẹsẹ̀. Nígbà tí mo wálé wá kó aṣọ, ilé ìdáná mọ́, ara ọmọ le. Mo ṣí fíríìsà, mo rí i pé abọ́ kan ṣoṣo ló kù. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ìyẹn, òun ń jẹ ẹ̀wà àti gàrí báyìí. Ó ní ọjọ́ tí ìyá òun bá dé, yóò ti rẹ̀ ẹ́ jù láti dáná, ìyẹn ni òun máa gbé kaná fún un. Mo ní ó dára. Mo kó aṣọ, mo padà sí Òṣogbo.

Cecilia kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń pín omi gbígbóná ní wọ́ọ̀dù. A gbé e wá sí Iléṣà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa sì sin ín. Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú náà ni ẹ̀rọ NEPA àdúgbò wa jó, kò sì sí iná fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wà nínú fíríìsà.

Àwọn èrò lọ. Ó ku Julianah, ẹ̀gbọ́n Cecilia, tí í ṣe àgbẹ̀ kòkó ní Ifẹ̀wàrà, tó ní òun fẹ́ dúró ti Tómi fúngbà díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó ní pálọ̀ nígbà tí òórùn ọbẹ̀ kan wọlé wá bá mi. Kì í ṣe ọbẹ̀ Julianah. N kò lè ṣì í mọ̀. Mo dìde.

Tómi ló dúró ti sítóòfù, ó ń ro ọbẹ̀. Abọ́ ike náà wà lórí tábìlì, ṣíṣí, omi sì ti gbá jọ sára ọmọrí rẹ̀. Julianah jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò ó.

Mo bi Tómi bóyá láti inú fíríìsà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ó ṣì tutù nígbà tó gbé e jáde. Ó tún ro ọbẹ̀ náà.

"Kò rùn, Bàámi," ni ó wí. "Mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ó sì ti hó dáadáa, ẹ wò ó."

Mo ní kí ó pa iná.

Julianah rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá Tómi, ẹ̀yin alákọ̀wé, ọbẹ̀ ló ń dẹ́rù bà yín báyìí? Ọbẹ̀ wa l'Ífẹ̀wàrà, tàárọ̀ talẹ́ la fi ń gbé e kaná, kò sì pa wá. Kí ló kù nínú ohun tó ti hó?"

Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ tí iná kan láàárọ̀ tí iná kan lálẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú fíríìsà tí kò ní iná fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò. Iná lè pa kòkòrò àìfojúrí. Májèlé tí kòkòrò ti ṣu sínú rẹ̀, iná kì í fìgbà gbogbo pa ìyẹn. Ẹnu Cecilia ni mo ti gbọ́ ọ. Julianah ní kí n jẹ́ kí ọmọ fi kan ẹnu lásán, pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni.

Èmi náà fẹ́ fi kan ẹnu. Òórùn yẹn kún ilé bí ẹni pé ẹni tó se é ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́yìnkùlé ni. Mo na ọwọ́ sí ìwé ara ògiri, mo ní kí Tómi ka ìlà ìsàlẹ̀.

Kò wo ibẹ̀. "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Màmá ò mọ̀ pé àwọn ò ní padà wá nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ò ní ní kí n dà á nù."

"Ìyá rẹ mọ̀," ni mo wí.

Ó yíjú sí mi.

Mo sọ fún un pé kí a tó kúrò nílé ni dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn náà kò ní ìwòsàn mọ́, àti pé ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ títí ìdánwò yóò fi parí. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀, ó mọ̀ kí ó tó kọ ọ́.

Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ òwú sítóòfù sílẹ̀ títí iná fi kú. Ó fi àkísà gbé ìkòkò, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Julianah ti ṣáájú rẹ̀, ó ti mú ọkọ́ lára ògiri, ó gbẹ́ ihò sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ajá àti adìyẹ má baà rí i jẹ.  Tómi da ọbẹ̀ náà sínú ihò náà díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni tó ń bù ú fún ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni ọmọ náà tó sunkún. Kò sunkún ní itẹ́ òkú.

Mo wọlé, mo wọn ìrẹsì, mo ṣà á. N kò se ìrẹsì rí láyé mi. Mo wá iyọ̀ títí, n kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún. Mo gbé omi kaná. Nígbà tó hó, Tómi wọlé, ojú rẹ̀ wú, ó na ọwọ́ sẹ́yìn agolo tíì, ó gbé iyọ̀ fún mi, ó sì padà síta.