Àkàbà Tí Kò Kan Ilẹ̀

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, nígbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán tí oorun gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin kápẹ́ńtà ẹgbẹ́ mi, ẹ fi ayùn sílẹ̀ ná. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín kí n tó parí, n kò ní gbàgbé ẹni náà, ẹ sì mọ̀ mí.

Mo ń lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láti gba ààyè ilé ìwé girama fún Mojírọ́lá ọmọ mi. Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Ó léfòó lókè ìlú bí ìkùukùu, wọ́n sì so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Àkàbà rẹ̀ ló bí mi nínú. Igi àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọ tí ilé bàbá wọn jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kàn ń na ẹsẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gòkè lọ wẹ́rẹ́. Àwa tó wà nílẹ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Akọ̀wé kan yọrí lókè. "Ẹ gbìyànjú! Àkàbà kan náà la gbé fún gbogbo yín. Ẹni tí kò bá lè gùn ún, ọ̀lẹ ni!"

Mo ní, "Ọ̀gá, kápẹ́ńtà ni mí. Àkàbà tí kò kan ilẹ̀, ọ̀ṣọ́ ilé ni."

"O fẹ́ràn àròyé. Ó dáa, wá sọ ọ́ níwájú adájọ́. Bí o bá borí, ọmọ rẹ wọlé. Bí o kò bá borí, a ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Bí ó ti dákẹ́, ojú títì di gbọ̀ngàn ilé ìwé mi àtijọ́. Ta ni mo rí lórí àga adájọ́? Ọ̀gá Adéṣàkin, hẹdimásítà wa, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀. N kò kí i. Ọkùnrin yìí ló ní kí n tún kíláàsì karùn-ún kà nítorí ìdánwò kan. Wọ́n kọ ìtàn nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì láàárọ̀, wọ́n ní kí ló fò jáde nínú ẹ̀rọ náà. Búrẹ́dì ni ìdáhùn tí wọ́n ń retí, èmi kọ eku. Ní ilé tiwa, kò sí ohun mìíràn tó ń fò jáde láàárọ̀. Gbogbo kíláàsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kó síléètì mi, mo lọ kọ́ṣẹ́, n kò sì padà.

Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ fẹ́ jiyàn ni Títọ́lá ọmọ dókítà, tí a jọ jókòó nígbà náà, tó ti di lọ́yà báyìí. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ilé ìwé ń gbé ọmọ tálákà ga. Títọ́lá fara mọ́ ọn, èmi tako ó.

Agogo ògiri ni olùṣọ́ àkókò. Ó dé fìlà. Ó wò mí, ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù fún ọ."

"N kò tíì la ẹnu!"

"Ti Títọ́lá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé orí pèpéle. Tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí bàbá rẹ."

Mo rí i pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo bá yára.

"Alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ìwọ agogo tí kì í purọ́. Ilé ìwé kò kọ́ wa ní ẹ̀rọ búrẹ́dì, ó kàn bi wá léèrè rẹ̀ ni. Ẹni tó ti rí i nílé gbà á, wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹni tí kò rí i rí, wọ́n ní olódo ni. Ohun tí ilé kan fún ọmọ, ilé ìwé ń fi ṣe ìdánwò, ó sì ń pè é ní làákàyè."

Bẹ́ǹṣì ìjókòó mi àtijọ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn wọlé. "Mo fẹ́ jẹ́rìí," ó ní. "Ọmọ márùn-ún ló ń jókòó lé mi lórí, àádọ́rùn-ún ọmọ sì ni tíṣà kan ń kọ́. Ní ilé ìwé tí Títọ́lá lọ lẹ́yìn náà, ogún ni wọ́n, tíṣà ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tún ń lọ bá a nílé. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìdánwò kan náà fún gbogbo wọn. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí."

Títọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ adẹ́mu kan ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí lo fẹ́ wí sí i?"

"Ẹyọ kan! Bí ọkọ̀ bá dànù tí ẹnì kan yọ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣé a máa yin dẹ́rẹ́bà? Ẹni tó yọ yẹn ni ẹ̀ ń gbé kiri, kí àwọn yòókù lè gbà pé ẹ̀bi wọn ni. Nígbà tí ọmọ tálákà gba ìwé mẹ́fà, ẹ ní girama lẹ fẹ́. Ó gba girama, ẹ ní yunifásítì. Ó gba ìyẹn náà, ẹ ní ta ló mọ̀ ọ́n. Bí ogun bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó mọ̀ pé ogun ni. Ilé ìwé á gba tìrẹ tán, á ní ìwọ ni o kò mọ ìṣirò. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún!"

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Bẹ́ǹṣì ń sunkún. Ọ̀gá Adéṣàkin ṣe àròpọ̀ máàkì. "Títọ́lá, ogójì. Ìwọ, àádọ́rin. O borí. Àlàyé rẹ kò lábùkù. Mú ìwé ẹ̀rí pírámárì mẹ́fà rẹ wá kí a lè fi ọwọ́ sí ààyè ọmọ rẹ."

"Ọ̀gá, ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn!"

"A gbọ́. Ó wú wa lórí gan-an. Ìwé ẹ̀rí dà?"

Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i, ìwo méjì yọ, ó di ewúrẹ́ nínú kóòtù aláwọ̀ eérú. Ó fa ìwé tí orúkọ Mojírọ́lá wà nínú rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti etí. Mo fò mọ́ ọn, mo di ìwo rẹ̀ mú gírígírí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà! Ẹ máa ṣẹ́ ẹ!"

Mo lajú. Ẹsẹ̀ àga tí mo ń gbẹ́ lọ́wọ́ ni mo dì mú. Mojírọ́lá dúró tì mí, ó mú fọ́ọ̀mù ilé ìwé girama dání, ó ti kọ ọ́ dé ìdajì.

"Bàbá, wọ́n ní kí n fa ìlà sínú àpótí ibi tí òbí kàwé dé."

"Fà á sí pírámárì. Ojú kò tì mí."

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Pírámárì kò sí níbẹ̀, Bàbá. Láti girama ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mo yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, mo gbé rúlà. Mo fa àpótí kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo tiwọn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Mo fún un ní bírò.

"Máàkì ibẹ̀," mo ní. "Kí o sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa."