Nọ́ńbà Tó Dín Ẹyọ Kan

Láti ìgbà tí ìyá Ẹ̀yẹolúwa ti kú, kò sẹ́ni tó ń pè é lórí fóònù mọ́ àfi ẹni tó bá níṣẹ́ fún un. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáréèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Bó bá ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì kó tó tún gbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, Màmá Dámisí fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ kàwé ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́sí, ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yẹolúwa náà ló tẹ èyí tó wà nílẹ̀, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kó tún un tẹ̀.

"Ọmọ mi," ni màmá náà wí nínú ohùn tó gbà ránṣẹ́, "àwọn nọ́ńbà yẹn gùn gbọọrọ bí okùn, ojú wa ò gbé e mọ́. Bá wa gé e sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Kí o wá ṣe ẹ̀dà mìíràn fún àwa tá a wà lókè òkun: yọ òdo tó ṣáájú, kí o fi àmì ròpọ̀ àti 234 sí ipò rẹ̀. Tá a bá fi òdo yẹn pè é láti ibí, kì í lọ."

Iṣẹ́ náà ò le. Ẹlòmíràn nínú wọn ti kọ 234 tán kó tó tún kọ òdo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yẹolúwa yọ òdo náà. Ó ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí tó fi kan Àbíkẹ́ Ọlọ́runnísọ̀lá, Ọ̀yọ́. Mẹ́rin àkọ́kọ́ pé. Mẹ́ta àárín pé. Mẹ́ta péré ló kù fún ìparí: 226. Ó tún un kà. Mẹ́wàá ni, kò pé mọ́kànlá.

Ó tú dúrọ́ọ̀ títí ó fi rí bébà tí wọ́n fọwọ́ kọ fún un nígbà náà. 2226 ló wà níbẹ̀, kedere. Òun ló fo 2 kan.

Ó pe nọ́ńbà tó pé. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e.

"Adérónkẹ́?"

"Rárá o, mà. Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀yẹolúwa ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́."

"Háà." Ohùn náà wálẹ̀. "Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun ni."

Kò lè sọ àṣìṣe náà lórí fóònù; ó kàn béèrè ibi tí ilé wọn wà. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́.

Màmá Àbíkẹ́ nìkan ló wà nínú ilé náà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè lọ sípàdé mọ́. Fóònù rẹ̀ àtijọ́ ti jábọ́ sínú kànga pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo èèyàn; nígbà tó ra tuntun, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n fi sínú ìwé. Ẹ̀dà tirẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó ṣáà ń retí kí wọ́n pè.

Ẹ̀yẹolúwa kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo fo ẹyọ kan nínú nọ́ńbà yín. Gbogbo ẹni tó ń pè yín, ìpè wọn kò lè wọlé."

"Ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan, mà."

"Mo ti ń ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò mọ̀."

Ẹ̀yẹolúwa tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe yẹ, +234 níwájú, ó sì fi ránṣẹ́ sí Màmá Dámisí. Kò pẹ́ tí fóònù Màmá Àbíkẹ́ fi dún; ohùn Màmá Dámisí ń jáde ketekete. Àwọn méjèèjì ń pariwo orúkọ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

"Adérónkẹ́ ńkọ́?" ni Màmá Àbíkẹ́ bèèrè.

Màmá Dámisí rọra dáhùn pé, "Àbíkẹ́, Adérónkẹ́ ti lọ. Oṣù tó kọjá la sin ín."

"Ṣé ó pè mí?"

"Ó pè ọ́ títí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pàápàá, ó ń pè ọ́. Ó ní ó dà bíi pé o ti kú, pé o ti lọ ń dúró de òun."

Ẹ̀yẹolúwa ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Màmá Àbíkẹ́ gbé fóònù lé itan, kò ṣépè, kò bú u. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde nílẹ̀. O ti jẹun?" Ó bu oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nínú wọn. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fa bébà ìjọ́sí yọ pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ wọn wò lẹ́yọ lẹ́yọ, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Kò rí òmíràn tó dín. Ó wo ẹni tó jókòó tì í, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Onítọ̀hún ti sùn lọ. Ó ká bébà náà, ó kọjú sí fèrèsé.