Ìgò Mẹ́wàá Tó Kún

Kí aláyẹ̀wò ìmọ́tótó tó dé, Màmá Wọ́ọ̀dù ti yí wọ́ọ̀dù ká lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, obìnrin tí eruku gan-an máa ń sá fún. Ìgò sanitáísà mẹ́wàá, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ọwọ́, wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mẹ́wàá, gbogbo wọn kún dé ọrùn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Àná ló kó wọn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà àyẹ̀wò tó kọjá, òfìfo ìgò ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ ibùsùn, wọ́n sì gé máàkì wọ́ọ̀dù náà. Ìtìjú yẹn dùn ún wọ egungun. Láti ìgbà náà ló ti ń ti sanitáísà pa, kí ìgò má baà gbẹ mọ́. Ìgò kò sì gbẹ mọ́ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ibi ìfọwọ́ kan ṣoṣo ló wà, lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ta ló fẹ́ rìn débẹ̀ nígbà ogún lóòjọ́? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Aláyẹ̀wò wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ọwọ́ Màmá Wọ́ọ̀dù ló ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

“Ẹ káàárọ̀, Mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Rọra fún wa ní máàkì o, má pa wá.”

“Ohun tí mo bá rí ni mo máa kọ, Mà,” ó fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ogójì ìbéèrè ló wà nínú ìwé náà. Èyí tó bá dára gba àwọ̀ ewé. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó gba àwọ̀ ìyeyè, wọ́n ní láti tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá léwu gba pupa: ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní láti tún un ṣe, wọ́ọ̀dù kò sì gbọdọ̀ gba aláìsàn tuntun títí aláyẹ̀wò yóò fi padà wá wò ó. Bẹ́ẹ̀, aláìsàn méjì ń bọ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Aláyẹ̀wò wo àpótí tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí, kò kún kọjá ìlà. Ó rí fóòmù ibùsùn kan tí awọ rẹ̀ ya, ó fún un ní ìyeyè. Lẹ́yìn náà ó dúró sígun kan, ó ń ka iye ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Nínú ogún, wọ́n ṣe é nígbà méjìdínlógún. Ojú aláyẹ̀wò kúkú wà lára wọn.

Ó ku ìbéèrè kan.

“Mà, ìgò sanitáísà mélòó lẹ lò lóṣù tó kọjá? Ó yẹ kí n wo ìwé ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ò wá síṣẹ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́, màá kọ ọ́.”

Màmá Wọ́ọ̀dù la ẹnu láti sọ pé méjìlá. Ní ibùsùn karùn-ún, ìyàwó ilé kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nígbà ìbímọ kérora bí nọ́ọ̀sì ti ń ṣí ojú egbò rẹ̀ tó ti ń ṣọyún. Ẹnìkẹta nìyẹn lóṣù kan. Màmá Wọ́ọ̀dù ti di ẹ̀bi ru oògùn, ó ti di í ru ooru. Ìtìjú mú un wàyí, èyí sì ju ti máàkì lọ.

“Òdo,” ó ní.

“Ẹ ní kí ni?”

“A ò lo ẹyọ kan. Mo tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n lè kún lójú rẹ.”

Aláyẹ̀wò gbé bírò kúrò lórí ìwé. “Mà, pupa nìyẹn o.”

“Mo mọ̀. Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Ó kọ ohun tí wọn yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣe é, àti àkókò tí yóò parí. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lẹ ìwé tí wọn yóò máa kọ ìgò tó bá tán sí mọ́ ògiri, wọ́n sì gba ọyún egbò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún àyẹ̀wò.

“Ẹsẹ̀ mi dúpẹ́, Mà,” nọ́ọ̀sì kan wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ní agogo mẹ́rin, aláyẹ̀wò padà wá wò ó. Pupa kò kúrò nínú ìwé, àmọ́ ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe, òun yóò sì tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n gbé aláìsàn méjèèjì wọlé.

Màmá Wọ́ọ̀dù lọ jókòó ti ìyàwó ilé náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi bò.

“Ẹ má bínú sí mi.”

“Mo bínú o, Mà,” obìnrin náà dáhùn. “Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò tíì gbé ọmọ mi délé.”

Màmá Wọ́ọ̀dù jókòó síbẹ̀ títí obìnrin náà fi sunkún tán.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dókítà dé, ó na ọwọ́ sí egbò ìyàwó ilé náà. Obìnrin náà fa aṣọ bo ikùn.

“Dókítà, ẹ ò tíì nu ọwọ́ yín.”

Ọ̀gá dókítà yíjú sí Màmá Wọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń retí pé kó bá òun bá a wí.

“Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, sà,” Màmá Wọ́ọ̀dù wí.

Ọ̀gá dókítà tẹ ìgò tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí wọ́n fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ ká aṣọ kúrò.