Lẹ́tà Ọjọ́bọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Kọ Lọ́jọ́ Ajé

Ẹnu Akọ̀wé là, kò sì tètè pa dé. Ohun tí igbákejì ọ̀gá sọ yìí, bí ẹni ń bèèrè omi mímu ló ṣe sọ ọ́.

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni, sà?"

"Tẹ lẹ́tà kan. Kọ déètì Ọjọ́bọ̀ tó kọjá sí i. Kí o wá bá wa ṣe ìbuwọ́lù ọ̀gá sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Dígí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọkùnrin yìí lẹ́yìn, torí kò sí fèrèsé tàbí ike omi tó ń dán tí yóò kọjá lára rẹ̀ tí kò ní kí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, táì ọrùn rẹ̀ ló ń tò nínú ojú kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì tàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan Akọ̀wé ju bó ti yẹ lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Ìyá Kékeré, ló ń tọ́jú ilé-ẹrù ẹ̀ka yìí, ọdún kan gbáko ló sì ti fi jẹ́ òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀. Kó tó lè di òṣìṣẹ́ gidi, ọ̀gá ẹ̀ka gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí olú iléeṣẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tó kọjá ni gbèdéke. Bí lẹ́tà kò bá dé, iṣẹ́ parí lópin oṣù nìyẹn. Ọjọ́rú ni ọ̀gá ti gbé fáìlì fún Dígí pé kó bá òun kọ ọ́, kó gbé e wá fún ìbuwọ́lù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ránṣẹ́ pé òun ò ní lè wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kò sọ ìdí. Dígí ti sọ fáìlì sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ti to àwòrán ara rẹ̀ mẹ́tàdínlógún lé e lórí, kó lè fara balẹ̀ yan èyí tó máa wọ inú kàlẹ́ńdà iléeṣẹ́. Àárọ̀ yìí tó rí èyí tó wù ú, ló tó rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n bíi tìẹ? Ọjọ́ tí a ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi ìbuwọ́lù wọn pa wá lẹ́rìn-ín lára páálí kéèkì? Ọ̀gá fúnra wọn ní tìẹ jọ tiwọn ju tiwọn lọ!"

Ká má purọ́, inú Akọ̀wé dùn lọ́jọ́ náà, odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń ro ìyìn yẹn bí ẹní ń lá oyin. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń tọ́jú ẹ̀bùn òun pa mọ́ de ọjọ́ báyìí.

Ó fa ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo lẹ́tà tó ń jáde sí yọ. "Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, sà. Ọgọ́rin lé mẹ́jọ parí Ọjọ́bọ̀. Ọgọ́rin lé mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ Ẹtì. Ibo ni kí n há eléyìí sí?"

"Fi A kún ọgọ́rin lé mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ní ó pẹ́, a ó ní ẹni tó ń gbé lẹ́tà ló falẹ̀."

"Háà! Ọkùnrin tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń sọ̀rọ̀ òun?" Ó ti ìwé náà pa. "Ẹ má bínú, sà. N kò ní ṣe é. Ẹni tó máa ka déètì yẹn á gbà pé Ọjọ́bọ̀ la kọ ọ́, á gbà pé ọ̀gá rí i. Irọ́ méjì nìyẹn, a ó sì fi gba ìpinnu lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tó bá tú, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ lé ni ẹni tí a ní a ń ràn lọ́wọ́."

Dígí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì nawọ́ síta. Ta ló wọlé bí kò ṣe Ìyá Kékeré, àpò ìgò omi lábẹ́ apá, ojú pípọ́n. Dígí ti lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un kí òun tó wá bá Akọ̀wé rárá.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ni obìnrin náà sọ, "wọ́n ní ìwọ ló kù. Ìkọ̀wé kékeré kan ṣoṣo. Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n!"

"Ìyá Kékeré, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pé ẹ pọ̀n mí mú mi."

"Kí ni kí n fi mú ọ? Ọmọ mẹ́ta ń wo ojú mi. Ṣé òótọ́ ni wọ́n máa jẹ láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akọ̀wé lára. Ó wo bírò, bírò náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.

"Ta lò ń pè?" ni Dígí bi í.

"Ọ̀gá, sà. Ẹni tó ni ìbuwọ́lù. Kí wọ́n fún yín láṣẹ, kí ẹ buwọ́ lù ú lórúkọ ara yín, pẹ̀lú déètì òní, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi pẹ́. Olú iléeṣẹ́ lè gbà á, wọ́n lè má gbà á. Àmọ́ òótọ́ là ń bẹ̀ wọ́n lé lórí."

Ìyàwó ọ̀gá ló gbé e. Akọ̀wé jẹ́ kí gbogbo yàrá gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ni? Alẹ́ Ọjọ́rú ló ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun ọwọ́ ọ̀tún ló dá. Pìọ́pì tí wọ́n fi ń di egungun ni wọ́n dà bò ó títí dé ìgúnpá, funfun líle bí ògiri. Ó ní kí n má sọ fún yín, ojú ń tì í. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìyáàfin tó ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní olú iléeṣẹ́ yín wá kí i, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ látàárọ̀ dọ́sàn-án. Òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ lóúnjẹ!"

Ìyáàfin ọ̀hún náà ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

Dígí wá àga, kò rí i dáadáa, ó jókòó sórí páálí ìwé. Ìyá Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Yéè! Ọwọ́ tó dá ni ì bá buwọ́ lùwé lójú ẹni tó ń bọ́ ọ lóúnjẹ? Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ rán mi lọ!"

Kò pẹ́ tí ímeèlì ọ̀gá dé. Ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ńlá àti kékeré dàrú mọ́ra: iṣẹ́ obìnrin náà tẹ́ òun lọ́rùn, òun sì fún igbákejì láṣẹ láti buwọ́ lu lẹ́tà náà nípò òun, lórúkọ ara rẹ̀. Akọ̀wé tẹ ímeèlì náà jáde, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà.

Ìjà tó kù ni ti gbólóhùn kan. Dígí fẹ́ kí wọ́n kọ pé "fáìlì náà pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo, sà? Dúrọ́ọ̀ yín?"

Dígí kọ ọ́ nígbẹ̀yìn: fáìlì wà lọ́wọ́ òun, òun ló gbàgbé, òṣìṣẹ́ náà kò ṣẹ̀. Ìbuwọ́lù Dígí máa ń gba ìdajì ojú ìwé, pẹ̀lú ìrù mẹ́ta. Ti ọjọ́ yìí dà bí èèrà tó sùn. Lẹ́tà náà jáde gẹ́gẹ́ bí àádọ́rùn-ún lé méjì, déètì Ajé.

Ní aago mẹ́ta, ìyáàfin olú iléeṣẹ́ pè. Wọn kò ní lè sọ Ìyá Kékeré di òṣìṣẹ́ gidi lóṣù yìí, ìgbìmọ̀ ti jókòó kọjá. Àmọ́ wọ́n fi oṣù kan kún ti onígbà-díẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó, lẹ́tà náà yóò sì wà níwájú wọn. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún igbákejì. Dígí gbà á, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nìkan ni wọ́n gbọ́, ìgbà méje.

Ìyá Kékeré ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Oṣù kan?"

"Oṣù kan, Ìyá Kékeré. Kò tíì dájú."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ ka ẹrù mi. Ẹni tó ku oṣù kan fún kò gbọ́dọ̀ sọ kọ́kọ́rọ́ nù."