Bí Bàbá Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni Ìdẹ̀raolúwa tíì kọ nínú ìtàn àkọ́kọ́ tó máa kọ láyé rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti sú olùkọ́ rẹ̀. Auntie Ọlárónkẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìtàn kíkọ ní láíbìrì kan ní Malton, ní Kánádà, ní gbogbo Sátidé, kì í fepo bọyọ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á sókè fún kíláàsì:

“Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gidigidi, bàbá àgbàlagbà kan dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ó rìn jẹ́jẹ́, tìrora-tìrora, lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì wo ọmọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, tayọ̀tayọ̀.”

“Ìdẹ̀ra, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ti gun ara wọn lórí níbí,” ni Auntie wí. “‘Rìn’ kò lágbára, lo bá fi ọ̀pá méjì tì í lẹ́yìn. Wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó lè dá dúró. Èmi ò ní kí o lé gbogbo wọn jáde o, àwọn ló jẹ́ kí èdè wa dùn. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìṣe ò lè ṣe, fi í sílẹ̀. Èyí tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, jẹ́ kó máa lọ.” Ó kọjú sí àwọn yòókù. “Sátidé tó ń bọ̀, ẹ máa ka tiyín. Ẹ mú àwọn ará ilé yín wá.”

Ará ilé kan ṣoṣo ni Ìdẹ̀ra ní ní gbogbo Kánádà: bàbá rẹ̀. Òun náà sì kọ́ ni bàbá inú ìtàn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni Ìdẹ̀ra ń sọ fún ara rẹ̀. Irọ́ ni, ẹ má dá a lóhùn.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Adégòkè, sá fún ìjọba ológun wá sí ìlú yìí, ó fi agbára rẹ̀ gbé ẹrù ní wíáhaòsì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú títí ó fi rí owó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tí kì í pa ìsìn jẹ kò jáde mọ́. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí i, á ní kí Ìdẹ̀ra sọ pé òun ń sùn. Ojú ń tì í. Nínú ilé náà, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹsẹ̀. Ìdẹ̀ra mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ìrìn bàbá rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á. Gbogbo jẹ́jẹ́ àti díẹ̀díẹ̀ tí ẹ rí yẹn, aṣọ tó fi ń bo ẹsẹ̀ yẹn ni.

Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Auntie ní kí ará ilé wá ní Sátidé, ó sì jókòó sídìí tábìlì, ó kó àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé náà dànù, ó sì wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó lágbára bí Auntie ṣe wí. Ó wá a débi tó burú. Ó ka èyí tó kọ sókè fún ara rẹ̀:

“Bàbá kan fò dìde. Ó bẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó já ilẹ̀kùn ṣí.”

“Ta ni bàbá yẹn?” Ohùn náà wá láti inú pálọ̀. “Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Ó máa tó seventy, Dádì.”

“Ẹni àádọ́rin ọdún fò dìde? Ṣé agbọ́n ta á nídìí ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Ìdẹ̀ra ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé kò ráyè ṣọ́ra nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó mú ìwé náà wá. Ti tẹ́lẹ̀ wà lókè, tuntun wà nísàlẹ̀. Bàbá ka ti òkè. Ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

“Èmi rèé,” ó wí.

“Dádì, it's just a story.”

“Ìdẹ̀ra.”

“Ẹ má bínú, sà. Mo máa yọ ọ́.”

“Mi ò ní kí o yọ ọ́. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba ló ń rìn jẹ́jẹ́. Wò mí.”

Ó fi ọwọ́ òsì ti àga, ó dìde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Kí ni mo ṣe?”

Bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ tóbi tó, ọ̀bẹ kọ́ la fi ń bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Ìdẹ̀ra ń wò.

“Sọ ọ́. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀.”

“Ẹ... ẹ wọ́ ẹsẹ̀, sà.”

“Ẹ̀hẹ̀n. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó kọ ọ́, omijé sì bọ́ sórí ìwé náà. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó padà wá jókòó, ó ní kí àwọn máa bá a lọ. Ìdẹ̀ra fẹ́ yọ ‘pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́’ kúrò níbi ilẹ̀kùn.

“Ìyẹn, fi í sílẹ̀,” ni bàbá wí. “Bí mo bá já ilẹ̀kùn yẹn ṣí, ilẹ̀ ni wàá ti bá mi. ‘Tìfẹ́tìfẹ́’ yìí ńkọ́? Kí ni bàbá náà ṣe?”

Ìdẹ̀ra ronú. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Oakville dé, bàbá rẹ̀ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Á na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí kò lè mú ife, á fi ìka kọ́ okùn báàgì Ìdẹ̀ra, á sì gbé e dé orí àga. Ó máa ń pẹ́. Nígbà mìíràn inú máa ń bí Ìdẹ̀ra, torí ó rò pé eré ìdárayá tí dókítà ní kó máa ṣe ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: “Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba báàgì ọmọ rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò béèrè rí.

“Dádì, kí ló dé tí ẹ kì í lo ọwọ́ òsì? Òun ló le.”

Bàbá wò ó bí ẹni pé ó sọ ìsọkúsọ.

“Ṣé òsì ni mo máa fi gba ọmọ mi wọlé ni?”

Ìdẹ̀ra pa ‘tìfẹ́tìfẹ́’ rẹ́. Ó pa ‘tayọ̀tayọ̀’ náà rẹ́. Kò sí iṣẹ́ fún wọn mọ́. Nígbà tó gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ń béèrè aago mélòó ni Sátidé.

Ẹ̀yìn pátápátá ni bàbá jókòó sí ní láíbìrì, tòun ti kóòtù lọ́rùn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìdẹ̀ra dìde, ó kà á:

“Bàbá fi ọwọ́ òsì ti àga, ó dìde. Ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba báàgì ọmọ rẹ̀.”

Auntie Ọlárónkẹ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́ládé, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, tó mú ìyàwó rẹ̀ wá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ bàbá yẹn. Ta ni?”

Ìdẹ̀ra bojú wo ẹ̀yìn. Bó bá ní òun kàn rò ó ni, bàbá rẹ̀ á jókòó síbẹ̀ ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni ò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu.

Àga kan dún lẹ́yìn. Gbogbo wọn yíjú. Bàbá Adégòkè ti fi ọwọ́ òsì tì í, ó ti dìde, ó sì ti ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láàárín wọn.

“Èmi ni,” ó wí. “Ọmọ mi ló kọ ọ́.”