Ẹ Ṣe É Kí N Rí I

Bí wọ́n bá ní kéèyàn lọ yan àkòrí iṣẹ́ ìwádìí, ẹni tí kò ṣe é rí á rò pé kò ju kéèyàn mu omi lọ. Irọ́ gbáà! Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀, tó wà ní ọdún àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ti gbé àkòrí mẹ́ta lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì já sí asán. Àkọ́kọ́ ni "Ẹ̀jẹ̀ Ríru." Olùkọ́ náà, obìnrin kan tí kì í pariwo àmọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọni lára, yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ àìsàn lèyí, kì í ṣe àkòrí. Kí lo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀ tí o ò tíì mọ̀?" Ọmọ náà padà gbé èkejì wá, pé bóyá àwọn aláìsàn mọ ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ. Olùkọ́ nawọ́ sí pẹpẹ ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní irú ẹ̀ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń yí orúkọ ilé ìwòsàn padà ni. Ẹ̀kẹta dáa lójú ọmọ náà, àmọ́ ó gba ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ò ní.

"Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó ti lákòrí sílẹ̀," olùkọ́ sọ fún un. "Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, á dúró de àwọn ti ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé ọmọ náà lọ́kàn sókè. Bàbá rẹ̀ ló ń ránṣọ tọ́ ọ níléèwé, ojú bàbá yìí ló sì ń lọ. Agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀ ló ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ, tó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, tó ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá wà lápá òsì rẹ̀ lórí tábìlì, ṣe ló máa ń fọwọ́ wá a kiri. Bóyá ni ojú náà á lè fara da ọdún kan sí i nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyẹn gan-an ló ń pa ọmọ yìí lẹ́kún.

Lọ́jọ́rú, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń kọ àkòrí, ó ń fagi lé e, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wọlé láti ilé ìwòsàn ojú. Ìyá ju báàgì sórí àga.

"Ojú bàbá rẹ tún ti le sí i," ó ní. "Wọ́n ní tó bá ń lọ báyìí, iṣẹ́ abẹ ló kù. Oògùn ojú méjì ni dókítà fún wọn, wọn ò lò ó!"

"Mò ń lò ó," bàbá dáhùn. "Àràárọ̀, alaalẹ́."

"Olówó orí mi, ta ló rí yín? Ẹ̀ẹ́ wọ yàrá, ẹ̀ẹ́ tilẹ̀kùn mọ́rí."

Òótọ́ ni pé ó máa ń tilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa wo òun bí aláìsàn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé ìwọ náà rò pé ó wù mí kí n fọ́jú ni?"

Ọmọ ti fẹ́ gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé tó ti kà ló sọ pé bí oògùn ò bá ṣiṣẹ́, kéèyàn kọ́kọ́ wò ó bóyá aláìsàn ń lò ó. Àmọ́ ojú tó ń wo yìí kì í ṣe ojú òpùrọ́.

"Bàámi, bẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn, kí ni wọ́n máa ń bi yín?"

"Wọ́n á ní ṣé mò ń kán oògùn mi. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọn ò sọ pé kẹ́ ẹ ṣe é káwọn rí i?"

"Rárá o. Láti ọjọ́ yìí."

"Àsìkò oògùn alẹ́ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí n rí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé inú. "Èmi tí mò ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́! Oògùn wo ló le láti kán?" Ṣùgbọ́n ó mú ìgò náà wá. Ó gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹ ìgò, ojú rẹ̀ sì pa dé kí ẹ̀kán náà tó balẹ̀. Oògùn bọ́ sórí ìpéǹpéjú, ó ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹnu ìgò kan irun ojú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé ìgò kejì, ó kán ìyẹn tẹ̀ lé e, ló bá fi áńkáṣíìfù nu gbogbo ẹ̀ kúrò.

"Ó ti wọlé," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n lára, ó tutù."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló tutù. Ọmọ náà sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́, bó ṣe kọ́ ọ níléèwé: kó fọwọ́ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kó dà bí àpò, kó wòkè, kó kán ẹyọ kan péré, kí ẹnu ìgò má fara kan ojú, kó rọra pa á dé, kó sì fìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Kó dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kán ìkejì, kí ìyẹn má bàa fọ ti àkọ́kọ́ dànù.

"Ìyẹn ni ìgò ṣe máa ń tán kóṣù tó parí," ìyá sọ. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo ti pè yín ní òpùrọ́ títí."

Bàbá na áńkáṣíìfù sí i. Ọmọ sì jókòó síbẹ̀, ojú ń tì í. Nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ dà, inú ilé kan náà ni wọ́n wà, kò bi í rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró níwájú olùkọ́. "Mà, nínú àwọn tó ń kán oògùn ojú fúnra wọn láti oṣù mẹ́fà ó kéré tán, nílé ìwòsàn ojú tí a ti ń kọ́ṣẹ́, mélòó ló ń kán an bó ṣe yẹ?"

"Báwo lo ṣe máa mọ̀?"

"Màá kọ́kọ́ bi oníkálukú bóyá ó rò pé òun mọ̀ ọ́n kán. Lẹ́yìn náà, á ṣe é lójú mi, màá máa sàmì sí ohun tó ṣe àtèyí tí kò ṣe. Omi ojú àtọwọ́dá ni a máa lò, kí wọ́n má bàa lo oògùn lé oògùn."

"Ẹni tó bá ń ṣì í kán ńkọ́? Ṣé wàá kàn kọ ọ́ sílẹ̀, kó máa lọ?"

"Rárá, mà. Bí mo bá ti sàmì tán, màá kọ́ ọ kó tó dìde."

Olùkọ́ wò ó dáadáa. "Ìbéèrè nìyí. O ṣì máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kó o tó bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀ o. Ta lo kọ́kọ́ rí tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi ni."

"Pẹ̀lẹ́. Wọn ò ní lè wà nínú iye tó o máa kà. O ti mọ èsì tiwọn." Ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀.

Nígbà tó délé, bàbá wà nídìí ẹ̀rọ. "Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, Bàámi."

"O kú oríire o! Èmi wá ni nọ́ńbà kìíní nìyẹn."

"Ẹ ò sí níbẹ̀. Wọn ò gbà kí n kà yín mọ́ ọn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fọwọ́ lé aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. "Oògùn ti wá ń wọlé báyìí. Èyí tó ti lọ nínú ojú mi ńkọ́? Ṣé á padà?"

Ọmọ náà ì bá ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú. Ó wù ú kó ṣe bẹ́ẹ̀. "Kò ní padà, Bàámi. Èyí tó kù la ó máa ṣọ́."

Bàbá mirí.

"Ó dáa," ó ní. "Tètè lọ bá àwọn tó kù, kí tiwọn tó lọ."